Fọ́tò oúnjẹ wọlé láìsí ìbéèrè: ohun tó o máa kọ́kọ́ kọ

Fóònù ẹ dún, o ṣí i, fọ́tò abọ́ oúnjẹ lo bá níbẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, bóyá ó kọ "mo ti rí nǹkan jẹ o" sábẹ́ ẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan rárá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣì í, torí ọwọ́ wa yá jù, ká tó mọ̀ a ti tẹ "kí ló wà nínú ẹ̀?" "ṣé o ò fi epo sí i jù?" "ìyẹn nìkan lo fẹ́ jẹ?" Mi ò sọ pé kéèyàn má béèrè o, àmọ́ tó bá jẹ́ ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé, ẹni yẹn á kàn jókòó máa dáhùn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ ẹ̀ lójú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bó o ṣe máa kọ èsì àkọ́kọ́ yẹn, gbólóhùn kan tàbí méjì péré, kí ìbéèrè tìẹ tàbí tiẹ̀ tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣí fọ́tò yẹn kó o wò ó dáadáa

Má fi àwòrán kékeré tó hàn láàárín ọ̀rọ̀ yín dáhùn. Tẹ̀ ẹ́ kó ṣí tán, fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, kó o sì ka ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ tó bá kọ nǹkan, torí ìgbà míì gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀, àwa la ò kà á.

Ohun tó ò ń wá nínú fọ́tò yẹn ni ibi tí ẹni yẹn ti fọwọ́ sí i. Orúkọ oúnjẹ kọ́ lò ń wá, ó kéré tán kì í ṣe báyìí. Wò ó bóyá ó nu etí abọ́ kó tó yà á. Wo bó ṣe gé nǹkan, ṣé gbogbo ẹ̀ dọ́gba, ṣé ó to ewébẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni àbí ó wọ́n ọn sórí. Ṣé abọ́ kan ló wà níbẹ̀ àbí méjì? Ṣé ìkòkò ṣì wà lẹ́yìn tí ooru ń jáde lára ẹ̀? Ọwọ́ ọmọ kékeré kan wà létí tábìlì tó ń nà sí oúnjẹ? Ohun kan máa wà tí ẹni yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tó fẹ́ kí ojú ẹlòmíì rí, òun lo máa mẹ́nu bà. Tó o bá rí i, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Tó ò bá rí nǹkan kan tó yàtọ̀ ńkọ́, tó jẹ́ oúnjẹ lásán nínú abọ́ lásán? Nígbà yẹn, pé ó jẹun, pé ó sì rántí ẹ nígbà tó ń jẹun, ìyẹn náà tó sọ. "O ṣeun tó o fi hàn mí, inú mi dùn pé o ti jẹun" kì í ṣe èsì kékeré lójú ẹni tó dá jókòó ti abọ́ ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Mọ ẹni tó ni ìyìn

Ibí ni mo máa dúró sí díẹ̀, torí abọ́ kan náà lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ òun ló sè é. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló sè é fún un tàbí pé ṣe ló rà á. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísè kọ́ ló wà níbẹ̀ rárá, ara ẹ̀ ni kò yá láti ọjọ́ yìí, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lè jẹ nǹkan.

Tó o bá kọ "o mọ oúnjẹ sè gan-an o" sí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ sè é fún, o ti gbé ìyìn fún ẹni tí kò ni ín, ó sì máa ní láti ṣàlàyé pé òun kọ́. Kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ayọ̀ yẹn ti dín kù díẹ̀. Àmì máa ń wà: ìkòkò lẹ́yìn, síńkì tó kún, aṣọ ìnuwọ́ léjìká, ìyẹn á fẹ́ jẹ́ pé òun ló sè é. Abọ́ oníbébà tàbí ike tó ní ìdérí, ṣe ló rà á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ abọ́, tó o sì mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn, o ti mọ ohun tí fọ́tò yẹn ń sọ.

Tí àmì ò bá hàn, má fojú bù ú. Gbólóhùn kan wà tó bá gbogbo ẹ̀ mu, ìyẹn ni kó o yin oúnjẹ yẹn fúnra ẹ̀ kó o sì bá ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ yọ̀: "Oúnjẹ yìí wù mí lójú o, á gba ibi ire." Bóyá òun ló sè é, bóyá wọ́n gbé e wá fún un ni, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ṣì.

Fún ẹni tára ẹ̀ ò yá, fi oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀ kó o kọjú sí òun gan-an. "Inú mi dùn láti rí abọ́ yìí níwájú ẹ lónìí." Má sọ pé "kí ló dé tó kéré báyìí," ó lè jẹ́ pé ìdajì ìyẹn lòun náà rò pé òun máa lè jẹ.

Ìgbésẹ̀ 3: Mọ ohun tí fọ́tò ò lè sọ fún ẹ

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó máa ń dun èèyàn ló jẹ́ pé ohun tí kámẹ́rà ṣe la ń fi bú oúnjẹ.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tan èèyàn. Tí iná ilé ìdáná bá jẹ́ irú èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, ìrẹsì funfun á hàn bí ìrẹsì tí wọ́n fi epo sè, ẹja á dà bí èyí tó ti dín jù. Tó bá sì jẹ́ iná funfun tó tutù yẹn, ọbẹ̀ pupa á ṣú, ẹran á dà bí eérú. Fóònù máa ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe fúnra ẹ̀, kì í sì í rí i ṣe dáadáa nígbà gbogbo, pàápàá tí iná méjì tí àwọ̀ wọn ò jọra bá ń tàn síbi kan náà. Torí náà "ó jọ pé ó jóná" kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn lè fi fọ́tò nìkan sọ, òjìji ọwọ́ ẹni tó di fóònù mú gan-an lè mú kí ẹ̀gbẹ́ kan dúdú.

Epo ńkọ́? Tí fíláàṣì bá tàn, ohunkóhun tó bá tutù lójú ló máa dán, omi á dán, tòmátì á dán, ewébẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ á dán. Dídán yẹn lẹ máa rí tẹ́ ẹ fi ń sọ pé epo ti pọ̀ jù.

Pípọ̀ àti kíkéré tún le ju ìyẹn lọ. Tí kò bá sí síbí tàbí ọwọ́ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, o ò lè mọ bí abọ́ yẹn ṣe tóbi tó. Àwo kékeré téèyàn ya láti ìtòsí á kún ojú fóònù bí àwo ńlá, kámẹ́rà fóònù sì máa ń jẹ́ kí ohun tó sún mọ́ ọn jù tóbi ju ohun tó wà lẹ́yìn lọ, ẹran kan ṣoṣo níwájú lè bo gbogbo ìrẹsì mọ́lẹ̀. Ẹ má wá máa kọ "gbogbo èyí, ìwọ nìkan?" síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, àmọ́ o ò mọ̀ bóyá ẹni yẹn ti ka ohun tó fẹ́ jẹ lórí kó tó bù ú.

Yàtọ̀ síyẹn, fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láì yan HD ti fún pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, nǹkan kéékèèké inú ẹ̀ ti pòórá, nǹkan dúdú tó o rò pé ó jóná yẹn lè jẹ́ ata. Iyọ̀, ata tó ń ta, bó ṣe rọ̀ tó, òórùn ẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tó wà nínú fọ́tò. Ohun tó ṣẹ́ kù tó o lè sọ láì ṣì í ò pọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí èsì àkọ́kọ́ rọrùn: ohun tójú ẹ rí àti ohun tí ọkàn ẹ sọ nìkan.

Ìgbésẹ̀ 4: Kọ ọ́

Gbólóhùn kan fún ohun tó o rí, gbólóhùn kan fún ẹni yẹn, kó o má sì fi àmì ìbéèrè kankan sínú ẹ̀. Àmì ìbéèrè yẹn ni mo máa ń fi yẹ tèmi wò kí n tó fi ránṣẹ́, tí mo bá rí i níbẹ̀ mo máa ń yọ ọ́, bó ti wù kí ìbéèrè náà dùn tó. Kódà "kí lo pè é?" dúró dìgbà tó bá yá.

Tó ò bá mọ orúkọ oúnjẹ náà, má sọ ọ́ lórúkọ. Pè é bójú ẹ ṣe rí i: "ohun pupa yẹn tó o fi yí i ká", "ewébẹ̀ tó o gé wẹ́wẹ́ yẹn". Ó sàn ju kó o pe oúnjẹ kan ní òmíràn lọ, torí tó o bá ti pè é ṣì, ohun tó kàn ni kó tún un ṣe fún ẹ.

Bó o ṣe máa bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Màámi ò ní gba "o gbìyànjú" lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn, wọ́n ti ń dáná kí wọ́n tó bí mi. Sí àgbà: "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o, bẹ́ ẹ ṣe to abọ́ yẹn dùn mọ́ mi nínú." Sí ọ̀rẹ́: "Ọ̀gá, wo bí ewébẹ̀ yẹn ṣe tutù yọ̀yọ̀! Jẹ ẹ́ gbádùn jàre." Sí àbúrò lo lè fi "o kú iṣẹ́, o káre láé." Emójì ò burú, fi ọ̀kan sí i, àmọ́ kó má jẹ́ òun nìkan, torí ọkàn pupa tó dá wà lórí fọ́tò kò sọ pé o wo nǹkan kan.

"Tèmi dà?" ńkọ́? Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́, láàárín àwọn tó mọwọ́ ara wọn kò burú. Àmọ́ má fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ sọ ohun tó o rí ná, kó o wá fi àwàdà ẹ tẹ̀ lé e, torí tó bá dá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ tìẹ lọ̀rọ̀ ti yí sí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá gbé fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lálẹ́. Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyin sísè tó là sí méjì tó dojú inú ẹ̀ sókè, ewébẹ̀ díẹ̀ létí abọ́. Ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ò ju "oúnjẹ alẹ́" lọ.

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé ìrẹsì yẹn lẹ̀ mọ́ra, nǹkan bíi búráùn sì wà níbì kan nínú ẹ̀. Ó rí i pé àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ yí pupa inú ẹyin yẹn ká. Ó tún rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò yẹn ṣú fẹ́ẹ́ bí ìgbà tí ooru bo gíláàsì kámẹ́rà, àmì pé oúnjẹ náà ṣì ń gbóná tó fi yà á.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni: "O kú iṣẹ́ o, àmọ́ ẹyin yẹn ti pẹ́ lórí iná jù, ṣé ìrẹsì ẹ ò jóná?" Ẹ wò ó, "o kú iṣẹ́" wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n "àmọ́" ló máa kà, ohun tó ṣáájú ẹ̀ ti lọ. Ó pa á rẹ́. Ó tún kọ "Ó dáa gan-an!" Ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí fọ́tò èyíkéyìí láì tiẹ̀ ṣí i. Ó tún pa ìyẹn náà rẹ́.

Ohun tó wá fi ránṣẹ́ rèé: "Wò ó bó o ṣe la ẹyin yẹn sí méjì tó o wá tò ó sójú abọ́! Inú mi dùn pé o jẹ nǹkan gbígbóná lálẹ́ òní."

Lílà ẹyin yẹn ni ibi tó fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun, ó lè bó o kó jù ú sẹ́nu, àmọ́ ó jókòó là á, ó tò ó. Gbígbóná yẹn náà, ẹ̀gbọ́n rí i lára fọ́tò ni, irọ́ kọ́.

Ìgbà tó yá àbúrò fèsì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o. Àmọ́ ẹ wo inú ẹyin yẹn, kí ló dé tó fi ní nǹkan ewé yẹn?" Ẹ rí i, ìbéèrè ti dé wàyí, òun fúnra ẹ̀ ló mú un wá, ẹ̀gbọ́n sì lè dáhùn ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ láìsí pé ó dun ẹnì kankan. Ó ní kò lè pa á lára, kó jẹ ẹ́. Ó ní tí ẹyin bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, imí ọjọ́ tó wà nínú funfun ẹ̀ á pàdé irin tó wà nínú pupa ẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń ní àwọ̀ yẹn. Kó sọ ẹyin sínú omi tó ti ń hó, kó kà á tó ìṣẹ́jú 10 sí 11, kó sì yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, torí tó bá kàn yọ ọ́ sílẹ̀ lásán, ooru inú ẹ̀ á ṣì máa sè é lọ. Ti ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kò tíì béèrè ìyẹn.

Ìgbà tí òfin yìí ò ní ṣiṣẹ́

Ó ní ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn, òun náà ni tí oúnjẹ yẹn bá lè ṣe é léṣe. Tó o bá mọ̀ pé ẹ̀pà máa ń mú kí ètè ẹ̀ wú tàbí kí èémí ẹ̀ há, o sì rí ohun tó jọ ẹ̀pà lórí oúnjẹ, má jókòó kọ gbólóhùn dáadáa, pè é lórí fóònù, torí ó lè ti máa jẹ ẹ́ nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Adìyẹ tí ẹ̀jẹ̀ tútù ṣì wà lára ẹ̀ náà ńkọ́? Sọ ọ́, àmọ́ rántí ohun tí mo wí nípa àwọ̀, kí o sọ ọ́ bí ẹni tí kò dá a lójú: "Jọ̀ọ́ la àárín adìyẹ yẹn wò kó o tó jẹ ẹ́, láti ọ̀dọ̀ mi ó jọ pé kò tíì jinná." Àwọ̀ nìkan ò tó mọ̀ ọ́n fún ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an, ká má tíì sọ ìwọ tó wà lẹ́yìn fóònù. Tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, ibi tó nípọn jù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 74°C.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan pàjáwìrì nínú oúnjẹ ẹlòmíì. Iyọ̀, kálórì, ohun tí dọ́kítà sọ fún ẹ nípa oúnjẹ alẹ́, gbogbo ẹ̀ lè dúró.

Àkókò àti gúrúùpù

Oúnjẹ máa ń tutù, fọ́tò ẹ̀ náà kì í pẹ́ kó tó di nǹkan àná. Tó o bá ti ṣí i, tí àmì búlúù méjì ti hàn, tó ò sì ráyè, gbólóhùn kan kúkúrú báyìí sàn ju gbólóhùn mẹ́rin lọ́la. Tó bá ti wá di ọ̀la lóòótọ́, má fi ìdí tó o fi pẹ́ ṣáájú, kàn fa mẹ́sẹ́èjì yẹn sápá ọ̀tún kó lè hàn pé fọ́tò yẹn lò ń dá lóhùn, kó o kọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo abọ́ àná yìí dáadáa ni, ewébẹ̀ yẹn tutù débi pé ó wọ̀ mí lójú."

Nínú gúrúùpù, ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì ló ń darí ọ̀rọ̀. Tẹ́nì kan bá fi "ṣé kò ní epo jù?" bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e, láìpẹ́ gbogbo wọn á ti di adájọ́ epo. Má bá a jà. Fa fọ́tò gan-an, má fa ọ̀rọ̀ ẹni yẹn, kó o sọ ohun tó o rí lára ẹ̀. Tẹ́ni tó ya fọ́tò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ epo, á dáhùn fúnra ẹ̀. Tí kò bá fẹ́, ó ti ní ẹnì kan tó lè dá lóhùn dípò ìyẹn.